Ohùn Màmá Àgbà Tó Pòórá Lórí Fóònù

Iṣẹ́ ti parí, bó ṣe rò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀dọ́bìnrin tó ń ge fídíò yìí ti wà nídìí ìdána kan tí wọ́n ṣe ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Wákàtí méjì ó lé díẹ̀ ni fídíò náà kù sí lẹ́yìn tó ti yọ gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò. Aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá ìyàwó máa wá gbà á, nítorí pé ọjọ́ náà gan-an ni tọkọtaya ń padà sókè òkun, wọ́n sì fẹ́ gbé e dání lọ. Ó ti wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dífóònù létí. Àwòrán mọ́ kedere, ohùn já geere, orin tó fi sábẹ́ rẹ̀ kò pariwo jù. Ó kù kó sùn.

Ó kàn fi ẹ̀dà kékeré kan ránṣẹ́ sórí fóònù ara rẹ̀ ni, kó lè mọ̀ bóyá orúkọ tọkọtaya tó kọ síwájú fídíò ṣeé kà lójú fóònù. Ó ṣeé kà. Ó wá fi ìka fà á síwájú, ó sì bọ́ sí ibi tí ìyá bàbá ìyàwó ti gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága ìjókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ ọmọ rẹ̀ ní oríkì Oníkòyí. Ẹnu màmá ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ìyàwó tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ń nu ojú. Orin ìsàlẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohùn màmá nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru fóònù. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè tán pátápátá, kò sí ìyàtọ̀. Ó ki wáyà etí bọ̀ ọ́, ohùn màmá sì jáde ketekete. Ó yọ wáyà náà, màmá tún dákẹ́. Ó wo ibi tí bàbá ìyàwó ti ń gbàdúrà, bákan náà ló rí. Ó wo ibi tí àbúrò ìyàwó ti ń ka lẹ́tà, ohùn kan ń jáde níbẹ̀ lọ́nà jíjìn, tó tín-ín-rín bíi pé inú kànga ló ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn onídùndún ti ń lùlù ní ẹnu ọ̀nà ń dún dáadáa.

Aago 11 alẹ́ ti kọjá nígbà tó pe ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

“Ẹ kú alẹ́, ọ̀gá. Ẹ má bínú pé mo jí yín. Ohùn wà nínú wáyà etí, ṣùgbọ́n kò sí lórí fóònù.”

“Gbogbo ohùn ni àbí ti gbohùngbohùn nìkan?”

“Ti gbohùngbohùn nìkan ni, sà. Ti ìlù wà níbẹ̀.”

“Ara míkísà ni wọ́n ti fa okùn bọ́ sínú kámẹ́rà nìyẹn. Fẹ àwòrán ohùn rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Wo òsì, kí o wo ọ̀tún. Sọ ohun tí o rí fún mi.”

Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ge fídíò, a máa ń rí ohùn bí ìlà tó ń gùn tó sì ń sọ̀. Ìlà méjì ló máa ń wà, ọ̀kan fún etí òsì, ọ̀kan fún etí ọ̀tún. Tí a bá wò wọ́n láti òkèèrè, bákan náà ni wọ́n máa ń rí, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣàkíyèsí ohunkóhun ní gbogbo ọjọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó wá fẹ̀ ẹ́ títí tí ìṣẹ́jú àáyá kan fi gba ojú kọ̀ǹpútà tán, ó rí i. Gbogbo ibi tí ìlà òsì ti lọ sókè ni ìlà ọ̀tún ti lọ sódò, ìwọ̀n wọn sì dọ́gba.

Ohun tó fà á yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ná owó sórí fídíò mọ̀, nítorí pé níbi ìnáwó gan-an ló ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ohùn bá ti wọ inú wáyà, ó ti di iná tó ń lọ sókè sódò. Bó bá lọ sókè, awọ sípíkà á ti afẹ́fẹ́ síwájú, bó bá lọ sódò, á fà á sẹ́yìn. Okùn gígùn tó gba àárín gbọ̀ngàn kọjá máa ń gbé ariwo mọ́ra, ti jẹnẹrétọ̀, ti gílóòbù, ti àwọn wáyà iná tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe míkísà wá ń fi ọgbọ́n kan dènà rẹ̀. Wáyà méjì ni wọ́n fi ń gbé ohùn kan ṣoṣo. Ọ̀kan á gbé e bó ṣe wà, èkejì á dojú rẹ̀ délẹ̀. Tí méjèèjì bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ̀rọ tó gbà wọ́n á gbé èyí tó dojú délẹ̀ nàró, á sì pa á pọ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀. Ohùn á lágbára sí i, ariwo tó kó sára wáyà méjèèjì lójú ọ̀nà á sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Ọgbọ́n tó dára gan-an ni.

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìnáwó kò mọ ọgbọ́n yìí. Ihò gbohùngbohùn ara wọn náà ní ibi mẹ́ta tí irin ti ń kan irin, gẹ́gẹ́ bí ti okùn míkísà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń ṣe yàtọ̀. Fún kámẹ́rà, ọ̀kan jẹ́ ti etí òsì, ọ̀kan jẹ́ ti etí ọ̀tún, ìkẹta jẹ́ ti ilẹ̀. Ẹni tó bá ki okùn náà bọ̀ ọ́ láìbìkítà ti fi ohùn tó nàró sí òsì, ó sì ti fi èyí tó dojú délẹ̀ sí ọ̀tún. Iná kékeré tó ń fi hàn pé ohùn ń wọlé lára kámẹ́rà á máa jó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà, ayàwòrán á sì rò pé kò síṣòro.

Kò sí ìṣòro lóòótọ́ fún ẹni tó bá fi hẹ́ẹ̀dífóònù sétí, nítorí pé etí kọ̀ọ̀kan ló ń gba tirẹ̀, etí kan kò sì lè mọ̀ pé ohùn tó ń gbọ́ dojú délẹ̀. Ṣùgbọ́n sípíkà kan ṣoṣo ló wà lára ọ̀pọ̀ fóònù àti àwọn sípíkà kékeré aláìní-wáyà tó kún ilé wa. Wọ́n gbọ́dọ̀ pa òsì àti ọ̀tún pọ̀ kí wọ́n tó lè gbé ohùn jáde. Bí ẹni méjì bá dúró sí iwájú àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan, tí agbára wọn dọ́gba, tí àwọn méjèèjì sì ń tì í, ilẹ̀kùn náà kò ní mira. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn màmá ṣe pòórá. Orin ìsàlẹ̀ kò pòórá nítorí pé òsì àti ọ̀tún rẹ̀ kò ta ko ara wọn. Ìlù dùndún kò pòórá nítorí pé gbohùngbohùn ara kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló gbà á. Ìka lẹ́tà tó ń dún tín-ín-rín yẹn, àjẹkù ni, níbi tí òsì àti ọ̀tún kò ti dọ́gba délẹ̀délẹ̀.

Ẹni tí etí rẹ̀ bá mọ́ iṣẹ́ lè fura kó tó dé orí fóònù. Ohùn ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ máa ń jókòó sí àárín orí gẹ́lẹ́ nínú hẹ́ẹ̀dífóònù. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì ló fọ́n ká sí, tí àárín ṣófo, nǹkan ti wọ́ níbì kan. Ọmọbìnrin yìí ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó rò pé gbọ̀ngàn ńlá ló fà á.

“Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di móno kíákíá, sà,” ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

“Má dán an wò! Tó o bá pa wọ́n pọ̀ báyìí, o ti pa ohùn yẹn rẹ́ fún gbogbo ayé nìyẹn, àtẹni tó fi wáyà sétí àtẹni tí kò fi sí i. Ju ti ọ̀tún nù. Mú ti òsì, kí o fi kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kánjú ló sì ti fi ọwọ́ ara wọn ba iṣẹ́ jẹ́ níbi yìí. Ohùn òsì pé, kò lábùkù, kò sì nílò ìkejì rẹ̀ rárá. Nínú Adobe Premiere Pro tí ọmọbìnrin yìí ń lò, ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni Fill Right with Left. Ó fi sára ègé kan, ó gbọ́ ọ, ohùn màmá sì padà sí àárín. Ṣùgbọ́n ó ti gé ohùn míkísà náà sí ègé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì fẹ́ kí gbogbo wọn gba ìtọ́jú náà. Ó da ègé àkọ́kọ́ kọ, ó yan àwọn yòókù, ó sì lo Paste Attributes láti fi ohun kan náà sára wọn. Ó rí i dájú pé òun kò yan ti ìlù àti ti ibi tí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, nítorí pé òsì àti ọ̀tún àwọn yẹn yàtọ̀ síra lóòótọ́, bó ṣe yẹ kí ó rí. Tó bá fi kàn wọ́n, gbogbo gbọ̀ngàn á kóra jọ sójú kan.

Aago 1 òru kọjá kó tó ṣe é tán. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa lò tó wákàtí mẹ́ta láti tún gbogbo fídíò náà gbé jáde, kò sì sí iná. Ó pa fáànù, ó pa gílóòbù, ó fi ìwọ̀nba agbára tó kù nínú báttìrì inifátà sílẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù nìkan. Nígbà tó fi máa di ìdájí, fídíò ti jáde. Kò gbé hẹ́ẹ̀dífóònù mọ́. Orí fóònù ló ti wo oríkì, àdúrà àti lẹ́tà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá ìyàwó dé ní aago 9, ó sì gba tirẹ̀ lọ.

Ohun tó gba ọmọbìnrin yìí là ni pé ayàwòrán kò yí kámẹ́rà sí móno níbi ìnáwó. Bí kámẹ́rà bá ti pa òsì àti ọ̀tún pọ̀ nígbà tó ń gbà á sílẹ̀, kò sí sọ́fítíwíà tó lè dá ohùn màmá padà. Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ gba ohùn níbi tí wọ́n kọ Rec Out sí lára míkísà tó bá ní in, tàbí kí ẹ ní kí oníṣẹ́ okùn ṣe èyí tó ń gbé ohùn tó nàró nìkan lọ sí òsì àti ọ̀tún fún yín. Kí àlejò tó dé, ẹ gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ lórí sípíkà kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní fídíò ìgbéyàwó nílé, tí ẹnu àwọn òbí yín ń lọ láìsí ohùn lórí fóònù, ẹ fi wáyà sétí kí ẹ tún un wò. Bí ohùn bá jáde, ẹ gbé e tọ ẹni tó gé e lọ, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó má tíì pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́. Ohùn wọn ṣì wà níbẹ̀.