Sáfà Ò Ṣiṣẹ́ Àṣekára, Síbẹ̀ Èrò Ń Tò: Kí Ló Fà Á?

Tòní dá lórí ìdí tí ojú ìwé fi máa ń yí bírí lórí fóònù yín láì ṣí, nígbà tí ọpọlọ sáfà ò ṣe ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọmọ oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì méjì ní ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí báǹkì bá ń lọ́ra. Wọ́n ti tẹ ẹ̀rọ, wọ́n ń retí ìdáhùn. Iṣẹ́ ò rẹ̀ wọ́n rárá, àmọ́ wọn ò lè dá ẹlòmíì lóhùn, ìlà sì ń gùn sí i.

Bí sáfà ṣe rí nìyẹn. Ó ní iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Nínú `Tomcat`, tí ẹ ò bá yí i padà, 200 ni:

```
maxThreads="200"
```

Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó iléèwé l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ìbéèrè 50 ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báǹkì sì ń dáhùn láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Tírẹ́ẹ̀dì márùn-ún péré ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí báǹkì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìṣẹ́jú àáyá 10, a nílò 50 lọ́nà 10, ìyẹn 500. 200 la ní. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, gbogbo wọn ti há, ẹni tó fẹ́ wo èsì ìdánwò lásán náà á tò. Tírẹ́ẹ̀dì tó ń retí báǹkì ń sùn ni, kò lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí sáfà fi dà bí ẹni tára rẹ̀ le.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ pa àṣẹ yìí, kí ẹ fi nọ́ńbà ètò náà rọ́pò `PID`:

```
jstack PID
```

Tí ẹ bá rí i tí gbogbo `http-nio-8080-exec` dúró sórí ìlà kan náà, níbi tí wọ́n ti ń ka ìdáhùn báǹkì, ẹ ti rí i. Ẹ má jẹ́ kí `RUNNABLE` tàn yín jẹ: tírẹ́ẹ̀dì tó ń retí nẹ́tíwọ̀kì náà lè jẹ́ orúkọ yẹn.

Ríra ọpọlọ kọ̀ǹpútà kún un ò wúlò. Fífi tírẹ́ẹ̀dì kún un á jẹ ìrántí sáfà, á sì tún ẹrù dì lé báǹkì tó ti ń mí hẹlẹ. Ohun tó yẹ ni gbèdéke: tí báǹkì ò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí tírẹ́ẹ̀dì jáwọ́. 50 lọ́nà 2 jẹ́ 100, 200 sì tó o. Ẹ tún ya tírẹ́ẹ̀dì owó sọ́tọ̀, kí ẹni tó ń wo èsì má bàa bá wọn jìyà.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: jíjáwọ́ ò túmọ̀ sí pé owó ò kúrò. Nọ́ńbà ìsanwó kan náà ni kí ẹ fi padà béèrè lọ́wọ́ báǹkì, kí wọ́n má bàa yọ owó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìgbà kan ná.