Taipuráítà Tí A Kọ́ Láyé Àtijọ́ Kò Ṣòfò

Ọ̀kan nínú wa ní ìsọ̀ àǹkárá ti ṣe táípíìsì rí. Ó tó ogún ọdún tó ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀. Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ kan ń wá akọ̀wé, ó sì fẹ́ lọ. Ó ní, "Ìyá Akọ̀wé, mo ti pé 48. Taipuráítà ni mo mọ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò." Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Ètò lẹ́tà orí taipuráítà náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà. Q, W, E, R, T, Y ló bẹ̀rẹ̀ ìlà òkè ní méjèèjì. Tí ó bá ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́, ìka á rántí ọ̀nà.

Àṣà àtijọ́ gan-an ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Lórí taipuráítà, tí aago bá ti dún, a ó ti irin padà kí ìlà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń bọ́ sí ìlà tuntun fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá parí tí òmíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tẹ Enter. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀gá bá ní kó fi ọ̀rọ̀ kan kún un láàárín, gbogbo ìlà á di gígùn àti kúkúrú.

Èkejì ni nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ taipuráítà àtijọ́ kò ní 1, lẹ́tà l kékeré la fi ń rọ́pò rẹ̀. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n lórí bébà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní ó kọ owó ìwé sínú Excel: 2,500, 1,200 àti 3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,700. Tó bá fi l kọ 1,200, Excel á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, á fò ó, á sì mú 5,500 jáde. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Nọ́ńbà gidi máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí rẹ̀, ayédèrú á fara ti apá òsì.

Ní ti ọjọ́ orí, kó kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n fi ààlà sí i. Kó má dín in kù o, nítorí ìwé ẹ̀rí àtijọ́ á tú u fó. Kó má sì fi ogún ọdún yẹn sílẹ̀ lófìfo nínú lẹ́tà rẹ̀. Kó kọ ọ́ pé òun ta aṣọ, òun ń kọ ìwé àwìn, òun ń ka ọjà tó kù lóṣooṣù, òun sì ń bá oníbàárà tí inú ń bí sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ náà ni gbogbo rẹ̀, òbí ló kàn rọ́pò oníbàárà.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń lọ fún ìdánwò. Ó ti ń fi nọ́ńbà 1 gidi kọ iye ọjà rẹ̀ báyìí.