Nọ́mbà Ta Ni Ẹ Kọ Sára Ọjà Yín?

Ẹni tó bá tẹ "adire dress" sínú Google ní Lọ́ńdọ̀nù á rí àwòrán aṣọ tó tò lọ bẹẹrẹ, iye owó àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù sì máa ń wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Púpọ̀ nínú wọn wá láti inú fáìlì tí ọlọ́jà fi ránṣẹ́ sí Google Merchant Center. Ìlà kan nínú fáìlì náà dúró fún ọjà kan, òpó kọ̀ọ̀kan sì dúró fún àbùdá kan: orúkọ, owó, àwòrán, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí fáìlì yìí bá gún, ọjà á hàn. Bí kò bá gún, Google á kọ̀ ọ́, tàbí kó gbé e síbi tí oníbàárà kò ti ní rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń tajà ní Pẹ́kámù, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ta èlùbọ́ tí iléeṣẹ́ ti dì sínú ọ̀rá láti ilé wá. Ó tún ń ra èlùbọ́ ní àpò ńlá, á wá bù ú sínú ọ̀rá kílò méjì-méjì fúnra rẹ̀. Bákan náà ló ń kó àdìrẹ láti Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Ó ń rán díẹ̀ ní gáùn, ó sì ń ta ìyókù ní yáàdì.

Àbùdá tí gbogbo ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kò le: id, title, description, link, image_link, availability àti price. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, id tí ẹ bá ti fún ọjà kan, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ má sì fún ọjà mìíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá tán, torí id yẹn ni Google fi ń rántí ọjà náà. Èkejì, iye owó inú fáìlì gbọ́dọ̀ bá ti ojú ìwé tí oníbàárà máa ṣí mu, àní títí dé owó orí tí wọ́n ń pè ní VAT, èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú iye náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni nọ́mbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní GTIN. Òun ni nọ́mbà tó wà lábẹ́ báákóòdù, àjọ GS1 ló ń fún àwọn iléeṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá bá ń ta èlùbọ́ kan náà, GTIN ni Google fi ń mọ̀ pé ọjà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tà. Nọ́mbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615 wá láti ọ̀dọ̀ GS1 ti Nàìjíríà, àmọ́ kò fi hàn pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. Ibi tí iléeṣẹ́ ti gba nọ́mbà nìkan ló ń sọ.

Nọ́mbà tó gbẹ̀yìn nínú GTIN ni ẹ̀rọ fi ń yẹ ìyókù wò. Ẹ wo 9521234543213. GS1 ti ya 952 sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, torí náà kì í ṣe ọjà ẹnikẹ́ni. Ẹ mú 3 tó gbẹ̀yìn kúrò. Ẹ ro èyí tó wà ní ipò kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí dé ìkọkànlá pọ̀: 9, 2, 2, 4, 4 àti 2 jẹ́ 23. Ẹ ro ti ipò kejì, ìkẹrin títí dé ìkejìlá pọ̀: 5, 1, 3, 5, 3 àti 1 jẹ́ 18. Ẹ sọ 18 di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 54. Ẹ ro ó mọ́ 23, ó di 77. Ó ku 3 kó pé 80, 3 yẹn gan-an ló sì gbẹ̀yìn nọ́mbà náà. Bí ọwọ́ bá ṣì tẹ nọ́mbà kan ṣoṣo, ìṣirò yìí kò ní bára mu, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tí ìṣirò yìí lè máà rí mú. Bí ẹ bá tẹ nọ́mbà yẹn sínú Excel, ó lè sọ ọ́ di 9.52123E+12. Bí ẹ bá tọ́jú fáìlì náà bẹ́ẹ̀ ní CSV, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ Google ni 9521230000000. Ẹ tún ìṣirò ṣe lórí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó bára mu: 13 àti 27 jẹ́ 40 géérégé, òdo ló sì gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ á gbà á bí ẹni pé ó tọ̀nà, nígbà tí gbogbo ọjà iléeṣẹ́ yẹn ti lè di nọ́mbà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí òdo tó tò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn nọ́mbà, ẹ fura. Kí ẹ tó lẹ nọ́mbà mọ́ òpó náà rárá, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di Text.

Ní ti èlùbọ́ tí iléeṣẹ́ dì, kí obìnrin wa kọ nọ́mbà ara ọ̀rá rẹ̀ bó ṣe wà. Ti èlùbọ́ tó bù fúnra rẹ̀ ló gba ìrònú. Nọ́mbà ara àpò ńlá, ti àpò ńlá ni. Bó bá kọ ọ́ sára ọ̀rá kílò méjì, Google á fi owó kílò méjì wé owó àpò odindi. Bó bá fẹ́ nọ́mbà fún ọ̀rá tirẹ̀, kó lọ gbà á lọ́wọ́ GS1. Bí kò bá sì fẹ́, kó sọ pé kò ní. Kó má ṣe hùmọ̀ ọ̀kan láé, torí nọ́mbà tó bá hùmọ̀ lè jẹ́ ti ọjà ẹlòmíì. Bákan náà ni gáùn àdìrẹ tó rán. Àkọlé identifier_exists ló wà fún irú èyí:

```
<g:id>ADR-014-NVY-14</g:id>
<g:item_group_id>ADR-014</g:item_group_id>
<g:price>65.00 GBP</g:price>
<g:color>Navy</g:color>
<g:size>14</g:size>
<g:identifier_exists>no</g:identifier_exists>
<g:google_product_category>2271</g:google_product_category>
```

Ìlà kejì ló so gáùn kan náà tó wà ní ìwọ̀n àti àwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní id tirẹ̀, àmọ́ item_group_id wọn dọ́gba. Ẹ má wá fi "no" sára ọjà tó ní báákóòdù nítorí pé ẹ kò ráyè wá nọ́mbà rẹ̀. Google sábà máa ń mọ̀, ó sì lè dá ọjà náà dúró.

2271 tó wà nísàlẹ̀ ni ìsọ̀rí gáùn nínú ìwé ìsọ̀rí Google. Google máa ń fúnra rẹ̀ mú ìsọ̀rí fún ọjà, ṣùgbọ́n ó lè ṣì í mú, pàápàá fún ọjà tiwa. Nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí, "Àdìrẹ" ni ìsọ̀rí kan ṣoṣo tó kó gáùn, ṣẹ́ẹ̀tì àti aṣọ yáàdì sí. Bó bá so gbogbo rẹ̀ mọ́ 2271, Google á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwọ̀n, ọjọ́ orí, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló ni ín, lọ́wọ́ aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé. Fabric ni ipò aṣọ yáàdì, lábẹ́ Arts & Entertainment, níbi tí wọ́n kó ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ sí; kò sí lábẹ́ aṣọ wíwọ̀ rárá. Ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ 212. Nítorí náà, ọjà kọ̀ọ̀kan ni kó wò kó tó yan ìsọ̀rí, kó sì yan èyí tó bá a mu jù lọ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ "Àdìrẹ" tí àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ kò ní sọnù. Kó kọ ọ́ sí product_type, tó wà fún ìsọ̀rí tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ yàn.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọjà bíi mẹ́wàá ránṣẹ́, kó ní ti báákóòdù, ti àbùdì àti ti rírán nínú. Ẹ ka ohun tó bá yọ lábẹ́ Needs attention lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì tún un ṣe nínú fáìlì náà kí ẹ tó kó ìyókù wọlé.