Ẹ Ṣé Àná

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn òbí ọkọ lè fojú kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kúnlẹ̀, wọ́n súre fún un, wọ́n gbé àmàlà fún un. Nígbà tó ń bọ̀, ìyá ọkọ di èlùbọ́ fún un, ó sì bu ata díndín sínú kúlà kékeré kan. Kí wọ́n tó wọkọ̀, àbúrò mi ti sọ "ẹ ṣeun" láìmọye ìgbà. Ó rò pé ọpẹ́ ti tán.

Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ti ọjọ́ kejì ni àwọn àgbà máa ń retí. Òun ló ń fi hàn pé oore náà ṣì wà lọ́kàn ẹni lẹ́yìn tí oúnjẹ ti dà.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo bá a tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo ní kó pè wọ́n, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wí pé: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ ṣé àná o. Màmá mi ní kí n bá àwọn dúpẹ́ èlùbọ́." Gbólóhùn kejì yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀bùn wọn dé ọwọ́ àgbà. Lẹ́yìn náà ló pe bàbá fúnra wọn. "Ẹ bá mi kí bàbá" kò tó fún ẹni tó gbàdúrà lé e lórí.

Ó tún fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Mo ní kó dúró ná. Owó tó bá tẹ̀ lé oúnjẹ kíákíá a máa jọ owó oúnjẹ. Kúlà ni kó dá padà nígbà tó bá tún ń lọ, kó má sì ṣófo: ọsàn díẹ̀ ti tó.

Ìyá ní, "Má ṣe mà, mà fún mi mọ́, ìyá rẹ ni mí." Àbúrò mi bi mí bóyá kó jáwọ́ nínú "ẹ". Rárá o! "Mọ́mì" rọ́pò "mà", ṣùgbọ́n "ẹ" dúró síbi tó wà. Ohun tó sún wọn mọ́ra ni ìpè ọ̀sẹ̀ kejì: "Ẹ ṣé lọ́jọ́sí, Mọ́mì. Orúnkún tí ẹ ní ó ń dùn yín ńkọ́?" Ìyá ò tètè gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ku àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún méjìlá tó bá a gbé báàgì. Wọ́n ti bí i kí àbúrò mi tó wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un, kò sì lè pe orúkọ rẹ̀ lásán. Ó sọ ọ́ ní Akọ́wé, nítorí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Báyìí, òun ló máa ń sáré gbé fóònù: "Mọ́mì, ìyàwó wa ló ń pè!"