Ihò Bọ́tìnnì Mẹ́rin: Èwo Ni Ó Yẹ Aṣọ Wo?

Ẹni tí ó bá ti Ọ̀jọ́ gba Ìbà lọ sí Òkókómàìkò yóò rí ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Níbẹ̀ ni a ti ń rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, ti lè rí ẹni tí yóò rán kóòtù dúdú fún un. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni àwa jókòó sí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, tí ó gbé kóòtù lé apá.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá. Kóòtù yìí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta tí mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ihò bọ́tìnnì rẹ̀ sà."

Bàbá télọ̀ gbé aṣọ náà sí ojú ìmọ́lẹ̀. Irun òwú funfun ti yọ jáde láàrin ihò náà, ó ń hàn lára aṣọ dúdú bí irùngbọ̀n arúgbó. Orí ihò tí ó kọjú sí etí kóòtù sì ti wú sókè, kò tẹ́ mọ́. Bàbá mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ rẹ kò ní àléébù kankan. Ihò ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lù sí ara kóòtù."

Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni àwa fẹ́ tú palẹ̀ fún yín lónìí. Ọ̀nà mẹ́rin ni a fi ń ṣe ihò bọ́tìnnì: èyí tí a fi ẹ̀rọ ṣe, èyí tí a fi ọwọ́ rán, èyí tí orí rẹ̀ rí bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́, àti èyí tí a fi aṣọ dì létí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan péré: ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́, èwo ni ó ṣáájú?

Nínú ihò tí a fi ẹ̀rọ ilé ṣe, abẹ́rẹ́ ni ó ṣáájú. Ẹ̀rọ a rán ìlà méjì tí ó súnmọ́ ara wọn, a sì rán ìdè sí orí àti ìsàlẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni a fi ọ̀bẹ la àárín ìlà méjèèjì. Nítorí pé lẹ́yìn ìránṣọ ni a gé e, ojú ibi tí a gé wà ní ìhòòhò, kò sí òwú tí ó bò ó. Bí aṣọ bá jẹ́ òwú tí a hun pọ̀ dáadáa, bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, èyí kò ṣe nǹkan kan. A lè fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kí ó má sì tú. Ó yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, gbogbo ihò sì bá ara wọn dọ́gba. Ní ọdún 1881 ni John Reece gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ihò bọ́tìnnì tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó sì mú kí ilé-iṣẹ́ lè rán aṣọ púpọ̀ láìdúró de ọwọ́ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kóòtù kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì. Aṣọ kóòtù nípọn, òwú rẹ̀ sì ń tú. Láàrin ojú àti inú rẹ̀ ni aṣọ líle kan wà tí àwọn télọ̀ ń pè ní sítéè. Ẹni tí ó rán kóòtù ọ̀dọ́mọkùnrin wa lo sítéè funfun. Nígbà tí ọ̀bẹ la ihò náà, etí sítéè yọ síta. Ohun tí ó ń hù bí irùngbọ̀n nìyẹn.

Ní ti ihò tí a fi ọwọ́ rán, ọ̀bẹ ni ó ṣáájú. A ó kọ́kọ́ la aṣọ ní títọ́, a ó fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́ etí rẹ̀ yíká kí ó má baà tú, a ó sì tẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí etí náà. Nígbà náà ni a ó wá fi òwú sílíkì líle, tí a ti fi ìda oyin pa, rán an ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gún abẹ́rẹ́, a ó yí òwú mọ́ ọn nídìí kí a tó fà á, kí kókó kékeré lè jókòó sí ojú ibi tí a gé gan-an. Bí àwọn kókó wọ̀nyí ti ń tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n di odi tí bọ́tìnnì ń fara kàn dípò aṣọ. Ìdí nìyí tí ihò bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí a rán dáadáa, ẹ fi èékánná yọ́ etí rẹ̀: yóò le, yóò sì rí bí ìlà kan. Èyí tí a rán láìdára a máa ní àlàfo, aṣọ a sì máa yọjú láàrin òwú.

Ihò olójú kọ́kọ́rọ́ kò yàtọ̀ ní ti ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́. Ìrísí ni ó fi yàtọ̀. A lè fi ọwọ́ rán an, a sì lè fi ẹ̀rọ ńlá ṣe é. Bọ́tìnnì kóòtù ní ọrùn tí a fi òwú dì, kí ó lè rí àyè jókòó lórí aṣọ tí ó nípọn. Nígbà tí a bá de kóòtù, ọrùn yìí a máa sá lọ sí orí ihò tí ó súnmọ́ etí aṣọ. Bí orí ihò náà bá jẹ́ ìlà lásán, ọrùn bọ́tìnnì kò rí ibi wọ̀ sí, yóò ti aṣọ sókè, yóò sì wú. Ṣùgbọ́n bí a bá lu ojú kékeré yíká sí orí náà, ọrùn bọ́tìnnì a wọ inú rẹ̀, aṣọ a sì tẹ́. Nítorí náà, ihò yìí ni ó yẹ kóòtù, aṣọ òtútù àti ṣòkòtò tí aṣọ rẹ̀ le. Kò yẹ ṣẹ́ẹ̀tì: bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ni, kò ní ọrùn tí yóò wọ inú ojú náà.

Ihò kẹrin ni èyí tí a fi aṣọ dì létí. Nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣáájú ọ̀bẹ, síbẹ̀ ojú ibi tí a gé kò hàn rárá. A ó tẹ́ ègé aṣọ kan sí ojú ibi tí ihò yóò wà, a ó rán an yíká bí àpótí tóóró, a ó la àárín rẹ̀, a ó sì fi ẹnu àlùmọ́gàjí gé e wọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó kan òwú ṣùgbọ́n kí ó má gé òwú. Lẹ́yìn náà a ó ti ègé aṣọ náà gba inú ihò lọ sí ẹ̀yìn, a ó sì ṣẹ́ ẹ kí ó dà bí ètè méjì tí ó pàdé. Bí ọ̀bẹ kò bá dé igun, ihò yóò ṣùpọ̀. Bí ó bá kọjá igun, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Ihò yìí ni ó yẹ kóòtù àwọn ìyá wa, àti aṣọ àrán àti aṣọ òkè, tí òwú wọn ń tètè tú. Ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ àtijọ́ tí kò mọ̀ ju ìlà títọ́ lọ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀: a gbọ́dọ̀ ṣe é kí a tó rán ìbòyí inú mọ́ aṣọ, nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù ń dúró títí iṣẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ Bàbá télọ̀. Ó mú bọ́tìnnì kóòtù náà, ó fi ìwé pẹlẹbẹ tóóró wé e yíká, ó ṣẹ́ ìwé náà sí méjì, ó sì wọ̀n ọ́n. Bọ́tìnnì náà fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó sì nípọn tó mìlímítà 4. Nítorí náà ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó 24. Ihò tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ 22.

Bàbá ní, "O rí i? Ó há. Ìdí nìyí tí o fi ń fi ipá dè é."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bèèrè pé, "Ṣé a lè tún un ṣe, sà?"

"A lè ṣe é, nítorí pé ihò kékeré ṣeé fẹ̀. Bí ó bá ti tóbi jù ni, kí ni a ó fi dín in?"

Ó tú ìdè òwú tí ó wà ní orí ihò náà. Ó fi irin kékeré lu ojú yíká síbẹ̀, ní ìhà etí kóòtù, tí gbogbo gígùn ihò fi di 24. Ó rẹ́ gbogbo irun funfun kúrò, ó sì fi táwádà dúdú kun etí sítéè díẹ̀díẹ̀ kí ó má tún hàn. Kò tú ìlà ẹ̀rọ méjèèjì. Ó ní wọn yóò di aṣọ mú bí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ó gé òwú sílíkì dúdú tí ó tó yáàdì kan, kí ó má baà so òwú mìíràn láàrin ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò, ó rán an yí ojú náà ká, ó sì padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ó ti fi ìdè parí rẹ̀. Ó ju àádọ́ta ìgbà lọ tí abẹ́rẹ́ wọlé tí ó sì jáde. Ihò kan ṣoṣo gbà á tó ìdajì wákàtí, méjì sì ni kóòtù náà ní.

Àwa bi í léèrè pé, ǹjẹ́ kò yẹ kí gbogbo aṣọ ní irú ihò yìí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni yóò san owó rẹ̀ fún mi lórí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé tí ihò rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, tí ọmọ náà yóò sì ga ju aṣọ lọ kí ọdún tó parí?" Lóòótọ́, ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi ń re imú. Ẹ̀rọ yẹ ṣẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ojú kọ́kọ́rọ́ yẹ kóòtù ọkùnrin, ọwọ́ sì ni ó dára jù láti fi rán an. Ètè aṣọ yẹ aṣọ òde tí kì í sábà rí omi.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gba kóòtù lọ́wọ́ télọ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan. Ẹ la ihò bọ́tìnnì rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì, kí ẹ wo ààrin rẹ̀. Bí ẹ bá rí aṣọ ìhòòhò tàbí sítéè funfun níbẹ̀, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, kí irùngbọ̀n tó hù.