Ìránnilétí, Lẹ́tà Ìbéèrè Owó, Ìkìlọ̀ Ìkẹyìn: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Kọ?

Láyé àtijọ́, tí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó a rán ológò lọ dógò tì í nílé, títí ojú á fi ti gbogbo ará ilé. Ìwé la fi ń sin gbèsè lónìí, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì ń pàdánù owó torí pé ìwé tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ.

Ẹ jẹ́ ká wí pé ìyá kan ń ta búlọ́ọ̀kù n'Íkòròdú. Ó kó 1,200 fún kọngílá kan, 600 náírà lẹ́yọ, 720,000 náírà lápapọ̀. Kọngílá san 300,000, ó ní òun á san 420,000 tó kù ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ pé, owó ò dé.

Ní ọjọ́ kẹta, ìránnilétí ló kàn, lórí WhatsApp: “Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Owó búlọ́ọ̀kù, 420,000 náírà, tó yẹ kó wọlé ní ọjọ́ 30 kò tíì dé. Nọ́ńbà àkáǹtì wa nìyí.” Kò sí ìhàlẹ̀ níbẹ̀ rárá, torí ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé ni, tàbí pé owó há sí báǹkì. Ẹ̀ẹ̀mejì tó.

Bí méjèèjì bá kọjá láìsí èsì, lẹ́tà ìbéèrè owó ló kù. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ dá dúró, kí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà rí lè kà á, kó sì yé e: iye búlọ́ọ̀kù, ọjọ́ tí a kó o, èyí tó san, èyí tó kù, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ san, bíi ọjọ́ 14 sí i. Ìyá náà á tẹ ẹ̀dà méjì, kọngílá á fọwọ́ sí ọ̀kan pé òun gbà á. L'Ékòó, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, máa ń béèrè pé kí olówó ti fi irú lẹ́tà yìí ránṣẹ́, lórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kó tó pẹjọ́. Ìránnilétí orí fóònù kò lè dípò rẹ̀.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn kì í ro ẹjọ́ mọ́. Ó kàn ń tọ́ka sí lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì ń sọ ohun tí a ti pinnu: “Bí owó ò bá wọlé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, a ó pẹjọ́ ní ọjọ́ 12.” Ẹ má kọ ọ́ bí ẹ kò bá ní lọ lóòótọ́. Ẹni tó kọ “ìkẹyìn” nígbà mẹ́ta ti kọ́ onígbèsè pé kò sí nǹkan kan tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì fi ọlọ́pàá halẹ̀: Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó kàn yẹ àdéhùn.

Ṣùgbọ́n bí kọngílá bá fèsì pé 100 búlọ́ọ̀kù fọ́ ńkọ́? Ìkìlọ̀ ìkẹyìn ò tíì yá nìyẹn. Owó 100 náà jẹ́ 60,000 náírà. Kí ìyá náà béèrè 360,000 tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì jọ lọ ka èyí tó fọ́ ní sáìtì.