Bí A Ṣe Ń Ká Odindi Fíìmù Sójú Ewé Kan

Owó tí àwọn àpò ìrànwọ́ bíi ti Hubert Bals ń fún òǹkọ̀wé wà kí ìwé eré lè dàgbà; kò tíì sí fíìmù tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ọdún 1988 ni àpò yìí bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àjọ̀dún fíìmù tó ń wáyé ní Rotterdam, ní Họ́láńdì, àwọn olùdarí eré láti ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára àwọn tó lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn tó ń yan ìtàn máa ń fẹ́ rí àkópọ̀ rẹ̀. Àpò ìrànwọ́ mìíràn á béèrè méjì: olójú ewé kan, àti gígùn tó lè tó ojú ewé mẹ́ta sí márùn-ún. Ìlànà wọn kò rí bákan náà, torí náà ẹ kọ́kọ́ kà á dáadáa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ gígùn tán, wọ́n á wá máa gé e títí yóò fi wọ ojú ewé kan. Ohun tó sábà máa ń ṣẹ́kù ni orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi. Ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀ á ti bá gígé lọ. Èrò tèmi ni pé olójú ewé kan ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ, ká má wo gígùn rárá. Ta ni ìtàn dá lé? Kí ló ń fẹ́? Kí ló dí i lọ́wọ́? Báwo ló ṣe parí? Kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání tó jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ká ṣe bí ẹni pé a ò tíì yà á. Ẹni tó ń kà á ní Rotterdam kò mọ ohun tó ń jẹ́ ṣaworo. Torí náà, òfin ìlú Jogbo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: ọba ní láti bá ìlú mulẹ̀, bí ẹni tí kò mulẹ̀ bá dé adé idẹ, tí wọ́n sì lu ìlù ṣaworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, òpin ìtàn á dà bí idán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lápité wọlé. Ó fẹ́ fi oyè kó owó jọ, torí náà ó kọ̀, kò mulẹ̀. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú tó ń pa igbó run. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, adé bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọba bẹ ṣọ́jà kan, Làgàta, pé kó bá òun gbà á padà. Làgàta gbà á, ó sì gba ìjọba mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tó dé adé, ìlù dún, ó kú.

Orúkọ èèyàn méjì péré nìyẹn. Baba Ọ̀pálábà, tí àwa òǹwòran kò lè gbàgbé, kò wọ ojú ewé kan. Ó dun èèyàn, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, ìtàn ò wó.

Inú àkópọ̀ gígùn ni àyè rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà la ti máa rí Adébọ́lá, ọmọ ẹni tí oyè tọ́ sí, àti bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe dé ibi tí wọ́n ti gbé ìbọn. Ẹ ṣọ́ ìwọ̀n o: bí ìgbà èwe Adébọ́lá bá gba ojú ewé kan nínú mẹ́rin, ẹni tó ń kà á yóò gbà pé ìdá mẹ́rin fíìmù nìyẹn. Ohun tí kámẹ́rà lè rí nìkan ni kí ẹ kọ. “Ojúkòkòrò ti wọ ọba lẹ́wù” kò ṣeé yà. Ọba tó ń gba owó lọ́wọ́ agégẹdú ṣeé yà.

Láàárín ìpínrọ̀ kan sí èkejì, ẹ fi “nítorí náà” dán an wò. Bó bá jẹ́ “lẹ́yìn náà” nìkan ló bá a mu, àlàfo wà níbẹ̀. “Lápité gba owó agégẹdú, lẹ́yìn náà, Làgàta gbàjọba”: kò sóhun tó so wọ́n pọ̀. Ẹ fi adé tó sọnù sáàárín wọn, wọ́n á so. Àlàfo tó bá kọ̀ láti dí, inú ìwé eré gan-an ló ti wá. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Inú lẹ́tà olùdarí eré ni kí ẹ ti sọ bí ẹ ṣe fẹ́ fi owó náà tún un ṣe.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ nínú méjèèjì: fífi òpin pamọ́. “Ṣé ìlù yóò dún bí?” Pósítà ló ni ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀ ń wá ẹ̀rí pé òǹkọ̀wé mọ ibi tó ń lọ.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá ní ojú ewé kan náà, kó kà á, kó gbé e kalẹ̀, kó wá tún ìtàn náà sọ fún yín. Bó bá béèrè pé kí ló pa Làgàta, gbólóhùn nípa ìmulẹ̀ ni kí ẹ padà sí.